Kàpásítọ̀ Alẹ́ Ìgbéyàwó

Àkàngbé ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé kànga ẹ̀rọ tí o gbẹ́ sílé tuntun ti kan omi. Mo bá ọ yọ̀. Kí rìwáyà tó kan àpótí páǹpù mọ́ ògiri, gbọ́ ohun tójú wa rí nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò rẹ ku ọ̀la.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Àwọn alásè ti to ìkòkò sẹ́yìnkùlé, omi inú tánkì ò sì ju èyí tí a ó fi fọ ìrẹsì lọ. A tan páǹpù, ó kùn díẹ̀, bíríkà já. Ṣẹ́gun gbé e padà, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló gbé e, èmi àgbàlagbà sì dúró tì í, mò ń ní kó tún un gbé! Ẹni tó gbẹ́ kànga fún wa sọ lórí fóònù pé páǹpù ti jóná, kí n wá owó òmíràn.

Ìyàwó mi ló lọ kan ilẹ̀kùn bàbá aládùúgbò wa, rìwáyà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dé pẹ̀lú sìńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. "Ẹ má gbé e mọ́ o." Ó ní kí a tàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé etí lé páìpù. Ó ń kùn, bí ẹni tí ẹrù wúwo jù fún, kó tó já. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó ti jóná ni, lọ́pọ̀ ìgbà kì í kùn rárá kí bíríkà tó já. Èyí fẹ́ yí, kò rí ohun tó máa tì í gbéra ni.

Ó wọn iná, iná pé. Ó pa iná pátápátá, ó ṣí àpótí: kàpásítọ̀ ti wú bí agolo tòmátò tó bàjẹ́. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ fi wáyà gílóòbù àtijọ́ kan kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì, torí iná máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Nọ́ńbà 35 ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú fóòtì 450. Níbo la ti fẹ́ rí irú rẹ̀ lóru? Bàbá lọ sílé, ó tú ti páǹpù tirẹ̀ wá. 35 náà ni. Nígbà tó dè é tán, omi ya sínú tánkì, àwọn alásè hó yèè.

Èmi ni mo ní kí wọ́n kan àpótí náà síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń sè é. Kan tìrẹ sábẹ́ òrùlé. Ra kàpásítọ̀ kejì pamọ́, nọ́ńbà kan náà gẹ́lẹ́. Èyí tó kéré ò ní gbé páǹpù, èyí tó tóbi jù á mú mọ́tò gbóná. Bó bá kùn tó já, má gbé bíríkà padà bíi tiwa, mọ́tò tí kò yí ló ń jó yẹn. Bó o bá pààrọ̀ kàpásítọ̀ tí páǹpù ṣì ń kùn, iyanrìn lè ti há a. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n fà á jáde.

Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ilé bàbá ti ń pọnmi lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé kàpásítọ̀ tuntun lọ fún bàbá pẹ̀lú kúlà ìrẹsì kan. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kó tó bojú wo kúlà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, Ìbàdàn.