Àbúrò Mi, To Lẹ́tà Rẹ Dáadáa Kí O Tó Wá Igun

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí n sọ̀rọ̀ kan fún ọ nípa ìbéèrè òbìrípo tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ láìya àwòrán sí i. Ẹni tó mọ gbogbo òfin igun lè pàdánù máàkì níbẹ̀, torí pé ó fi lẹ́tà kan síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ á péye, àmọ́ àwòrán mìíràn ló ń ṣírò. Mú ìwé àti kọ́ńpáàsì, ká jọ ṣe ọ̀kan:

"ABCD jẹ́ onígun mẹ́rin tí gbogbo orígun rẹ̀ wà ní etí òbìrípo kan. O ni àárín òbìrípo náà, AB sì ni dayámítà rẹ̀. Igun ABD jẹ́ 40°. Wọ́n fa AD kọjá D títí ó fi pàdé tánjẹ́ǹtì tó kan òbìrípo náà ní B. T ni ibi tí wọ́n ti pàdé. Wá igun BCD àti igun ATB."

Kà á dópin, kí o sì wá àyè

Má tíì fa ìlà kankan. T ló gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè, síbẹ̀ òun ló máa sọ ibi tí òbìrípo rẹ máa jókòó sí. Tí rédíọ̀sì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, òbìrípo náà á fẹ̀ tó 6, ṣùgbọ́n láti B dé T á lé díẹ̀ ní 7. Tí o bá lọ ya òbìrípo sí òkè ojú ìwé, T ò ní ríbi dúró sí, wàá sì máa tẹ ìlà kó lè gba àyè. Nítorí náà, ya òbìrípo sí ìsàlẹ̀, kí o fi àyè ńlá sílẹ̀ lókè. Sàmì sí O, kí o wá fa AB gba inú O kọjá ní ìbú, A lápá òsì, B lápá ọ̀tún.

Bí wọ́n ṣe pe lẹ́tà ni kí o ṣe tò ó

Ibí gan-an ni ẹjọ́ wà. Tí wọ́n bá pe onígun mẹ́rin ní ABCD, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá ń rìn yí etí rẹ̀ ká á bá A pàdé, lẹ́yìn náà B, lẹ́yìn náà C, lẹ́yìn náà D, kó tó padà sí A. AB ti wà nílẹ̀ ní tiwa, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan náà ni C àti D gbọ́dọ̀ wà. Fi àwọn méjèèjì sókè AB. Tí o bá gun etí òbìrípo láti B, C ni kí o kọ́kọ́ kàn, kí D tẹ̀ lé e, kí o tó dé A. Ẹni tó bá fi D sókè, tó fi C sísàlẹ̀, ti ya ACBD, kì í ṣe ABCD.

Ibo gan-an ni D wà lókè yẹn? Ìbéèrè ti sọ ọ́ fún wa lọ́nà ẹ̀bùrú. Igun tó wà ní àárín máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà ní etí, bí wọ́n bá dúró lórí apá òbìrípo kan náà. Igun ABD jẹ́ 40°, nítorí náà igun AOD jẹ́ 80°. Ìyẹn kò tó 90°, nítorí náà D á kúrò ní góńgó òkè díẹ̀ sápá òsì. Tí o bá gbé e sí góńgó gan-an, AD àti BD á dọ́gba lójú rẹ, wàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún ọ. Torí èyí kan náà, má fi C sí àárín méjì B àti D. Jẹ́ kó sún mọ́ B díẹ̀, kí BC àti CD má bàa jọ ara wọn.

Ìlà tí wọn ò dárúkọ

Fa BC, CD àti DA. Ìbéèrè kò sọ pé kí o so B pọ̀ mọ́ D, ṣùgbọ́n kò sí bí igun ABD ṣe lè wà láìsí ìlà BD, nítorí náà fa òun náà. Tánjẹ́ǹtì ló kàn: ó máa kan òbìrípo ní B nìkan, á sì dúró ṣánṣán lórí AB. Lẹ́yìn náà, fi rúlà sórí A àti D, kí o fa ìlà náà kọjá D títí á fi bá tánjẹ́ǹtì pàdé. Kọ T síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìhà A lo fà á gbà, á máa jìnnà sí tánjẹ́ǹtì ni, kò ní pàdé rẹ̀ láéláé.

Kíkọ igun

Wo B báyìí: BA, BD, BC àti BT ló pàdé níbẹ̀. Nítorí náà "igun B" kò sọ nǹkan kan. Lẹ́tà mẹ́ta ni kí o máa lò, kí èyí tó wà láàárín jẹ́ ibi tí igun náà wà. Igun ABD bẹ̀rẹ̀ láti BA, ó sì parí sí BD. Ya ìlà kékeré tó tẹ̀ láàárín méjèèjì, kí o kọ 40° sínú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọjá BD lọ sọ́dọ̀ BC. Kọ lẹ́tà A, B, C, D síta òbìrípo, kí o sì kọ O sábẹ́ AB níbi tí ìlà kankan kò ti gba orí rẹ̀. Bírò ni kí o fi kọ ohun tí ìbéèrè fún ọ, pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ohun tí o fúnra rẹ rí.

Ó yá, ká wá ìdáhùn

AB jẹ́ dayámítà, nítorí náà igun ADB jẹ́ 90°. Igun BAD wá di 180° − 90° − 40°, ìyẹn 50°. BAD àti BCD kọjú sí ara wọn nínú onígun mẹ́rin wa, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 180°, nítorí náà igun BCD jẹ́ 130°. Tánjẹ́ǹtì àti dayámítà pàdé ní 90°, nítorí náà igun ATB jẹ́ 180° − 90° − 50°, ìyẹn 40°. Kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìṣirò kọ̀ọ̀kan, torí pé àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí. Má fi protírákítọ̀ wọn ìdáhùn.

Rántí ẹni tó fi C sísàlẹ̀. Ní tirẹ̀, A àti C wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà BD, igun BCD rẹ̀ á sì jẹ́ 50° bíi ti BAD. Òfin tó lò tọ̀nà, ó sì ti pàdánù ìdáhùn náà. Nítorí náà, wo C lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó ṣí ojú ìwé: igun tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju 90° lọ. Tó bá há, lẹ́tà rẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí o tó fọwọ́ kan ìṣirò.