Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Pọ́n Lẹ́yìn, Inú Rẹ̀ Ò Tíì Dùn

ÌBÉÈRÈ

Dòdò ni mo ń dín tà ní Agbabu níhìn-ín, bí àkókò máńgòrò bá sì dé, mo máa ń pàtẹ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà kẹ́yìn pọ́n dáadáa lójú, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo dín in, ó le, kò sì dùn. Ẹnu àwọn oníbàárà mi kò gbà á. Ti máńgòrò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó pupa ni mo kọ́kọ́ tà, wọ́n ní ó kan. Àwọn tí èèpo wọn ṣì dà bí ewé, mo fi wọ́n sílẹ̀ pé kí wọ́n pọ́n, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rà sí. Kí gan-an ni kí n máa wò?

Ìyá onídòdò, Agbabu.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ojú yín ò ṣì ríran. Ohun tí àwọ̀ ń sọ lára èso kan, ó lè má jẹ́ òun ló ń sọ lára èkejì, kódà bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń pọ́n, iṣẹ́ méjì ló ń lọ lára rẹ̀. Lára èèpo, èròjà tó ń mú ewé rí bí ewé, tí wọ́n ń pè ní kílóròfíìlì, máa ń túká, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá yọjú. Nínú ẹran rẹ̀, sítáàsì ń di ṣúgà. Gáàsì kan tí èso fúnra rẹ̀ ń tú jáde, ẹ́tílìn, ló ń ta iṣẹ́ méjèèjì jí, àmọ́ wọn kì í rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé: bí èèpo bá ti pọ́n tán, sítáàsì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èèpo máa ń ṣáájú. Ó lè ti pọ́n yí ká kí sítáàsì tó pọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Irú èyí ni ẹ rà. Bọ̀ọ̀lì ló yẹ kí ẹ fi sun.

Ooru tún ń dá kún un. Ní 1987, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ irú Káfẹ́ńdíìṣì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pọ́n nínú ooru tó tó ìwọ̀n 35 ti Sẹ́síọ́sì, èyí tí kò ṣàjèjì sí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ti wẹ́wẹ́ rọ̀, ó dùn, síbẹ̀ èèpo rẹ̀ kò kúrò ní àwọ̀ ewé. Ti àgbagbà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nítorí náà, nínú oṣù kejì tàbí kẹta, tí oòrùn bá mú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lè tàn yín jẹ pé òun kò tíì pọ́n, kí àgbagbà sì tàn yín jẹ pé òun ti pọ́n jù bó ṣe rí lọ.

Fún dòdò, ẹ máa wá àgbagbà tí tótòtó dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò, títí dé èyí tí dúdú ti gba nǹkan bí ìdajì èèpo rẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà, tí kò sì tíì rọ̀ jù lójú epo. Bí ó bá dúdú tán, ṣúgà rẹ̀ á pọ̀ débi pé ẹ̀yìn á ti jóná kí inú tó gbóná, á sì mu epo. Irú ìyẹn, ẹ gún un mọ́ ìyẹ̀fun díẹ̀, kí ẹ fi dín mọ́sà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo dúdú ni pípọ́n o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n tí wọ́n kó sínú fíríìjì, òtútù á pa èèpo rẹ̀ dúdú, inú á sì le bí iṣu.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni bóyá ó gbó kí wọ́n tó bẹ́ ẹ. Àárín kòkó ni púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ agbègbè Odigbo ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, kí ó lè ṣíji bo kòkó kékeré, owó kíákíá sì máa ń mú kí àwọn míì bẹ́ ẹ ṣáájú àsìkò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó máa ń kún, igun ara rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ́ di róbótó. Èyí tí igun rẹ̀ ṣì mú, bó pẹ́ bó yá, á pọ́n lẹ́yìn, á sì hun jọ, ṣùgbọ́n kò ní dùn dé ibi tó yẹ. Bí wọ́n bá tún fi kábáàdì kún un, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ á fi ipá yí èèpo padà, ìdì náà á pọ́n bákan náà látòkè délẹ̀. Èyí tó pọ́n fúnra rẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó wà lápá òkè ìdì ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n.

Ẹ ra ẹyọ kan nínú ìdì náà, kí ẹ bó o níbẹ̀. Bí èèpo bá lẹ̀ mọ́ ẹran tí ẹ fi ní láti wá ọ̀bẹ, tí inú rẹ̀ sì funfun, kò tíì tó dòdò, ohun yòówù kí ẹ̀yìn máa wí. Bí èèpo bá ṣí fúnra rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì pọ́n, ẹ san owó.

Ní ti máńgòrò, ẹ gbàgbé pupa. Oòrùn ló ń fa pupa sára èèpo, kò bá pípọ́n tan. Lórí igi kan náà, èyí tó wà níta tí oòrùn ń lù á pupa, èyí tó sá sábẹ́ ewé kò ní pupa, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì lè jọ gbó lọ́jọ́ kan. Irú kọ̀ọ̀kan sì ní ti ara rẹ̀. Tọ́mì Átíkìnsì lè ti pupa tipẹ́ kí ó tó ṣeé jẹ. Kíìtì, èyí tó tóbi, lè pọ́n tán kí èèpo rẹ̀ ṣì rí bí ewé, nítorí kílóròfíìlì rẹ̀ kì í túká tán. Jùlíì, tó pẹlẹbẹ, náà máa ń mú àwọ̀ ewé dání. Ó ṣeé ṣe kí irú àwọn wọ̀nyí ni ẹ fi jẹrà. Máńgòrò ìbílẹ̀ kéékèèké tó lókùn nínú, púpọ̀ nínú wọn máa ń pọ́n kedere.

Èjìká máńgòrò ni kí ẹ wò. Bí ó bá ti gbó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún, èjìká rẹ̀ á sì ga ju ibi tí igi rẹ̀ ti wọlé, tí ibẹ̀ á fi jìn wọnú. Bí èjìká bá ṣì rọ̀ wálẹ̀ láti ìdí igi, wọ́n ti yára já a jù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbóòórùn ìdí igi rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ wò jẹ́jẹ́: bí ó bá ń rùn dídùn, tí ó sì rọ̀ díẹ̀, ẹ tà á lọ́jọ́ náà, ìbáà dà bí ewé. Àmì dúdú tó bá wà lára máńgòrò lásìkò òjò, àrùn olú ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ má fi wé tótòtó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nípa kábáàdì, àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé kí ẹnikẹ́ni má fi mú èso pọ́n, torí pé ó lè ní ásíníìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìdí ọjà ní Ore, tí ẹ fẹ́ san owó ẹyọ kan kí ẹ bó o wò, tí ẹni tó ń tà á kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ìdì náà sílẹ̀ fún un.