Tí Ọ̀gá Bá Tún Jẹ́ Màmí: Irú Lẹ́tà Wo Ni Kí A Kọ?

Láti ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni a ti mọ̀ pé lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ wà fún ará ilé àti ọ̀rẹ́, àti pé lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ wà fún ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ a máa di kókó nígbà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá tún jẹ́ ẹni tí a mọ̀ nílé. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ṣàlàyé ohun tí a fi ń yan èyí tó yẹ.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ń kọ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòròdú. Olùkọ́ àgbà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Màmí ni ó ń pe màmá náà, wọ́n sì wà níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ 30 lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn fún ìdíje àròyé. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

“Màmí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ, ẹ ti gbà kí a wá lo gbọ̀ngàn. Ẹ bá mi ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe.”

Kí ó tó fi ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun wò ó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: ta ni yóò kà á lẹ́yìn Màmí? Igbákejì kò lè dá gbọ̀ngàn yọ̀ǹda, ọ̀gá àgbà ni yóò fọwọ́ sí i, lẹ́tà náà yóò sì wọ fáìlì. Abẹ́ Ẹkùn Ètò-Ẹ̀kọ́ Kejì ti ìpínlẹ̀ Èkó ni Ìkòròdú wà, Ẹ̀pẹ́ sì wà lábẹ́ Ẹkẹta, nítorí náà ó lè gba ọwọ́ àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ wá wo ohun tí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ yóò rí. Àkọ́kọ́ ni “ẹ ti gbà”. Nínú èdè wa, “ẹ” kan náà ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan tí a sì fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀. Ṣé màmá nìkan ló gbà ni, àbí ilé-ẹ̀kọ́? Ọ̀gá àgbà lè rò pé wọ́n ti fi gbọ̀ngàn òun tọrẹ lẹ́yìn òun. Èkejì ni “bí ẹ ṣe máa ń ṣe”. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ọpẹ́ ni. Lójú àjèjì, ó dà bí ẹ̀rí pé màmá ti máa ń ṣe ojúsàájú.

Níhìn-ín ni Yorùbá ti le díẹ̀: “ẹ” àti “yín” kò lè fi irú lẹ́tà hàn, nítorí a ń lò wọ́n fún Màmí nílé àti fún ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Orúkọ tí a fi pe ènìyàn, ìkíni, àti ọ̀rọ̀ ìparí ló ń fi í hàn.

Ṣùgbọ́n bí ó bá fi “Ìyáàfin” gbígbẹ nìkan ránṣẹ́, Màmí yóò pè é lórí fóònù pé, “Kí ni mo ṣe fún ọ?” Nítorí náà ìwé méjì ló kọ. Èyí tó ń lọ sínú fáìlì ní àdírẹ́sì méjì, ọjọ́, àti àkọlé. Ọ̀gá àgbà ló kọ ọ́ sí, ó sì ní kí ó gba ọwọ́ igbákejì kọjá:

“A ń tọrọ àyè láti lo gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ yín fún ìdíje àròyé, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ 30 àti olùkọ́ 2 ni yóò wá. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ni yóò pèsè oúnjẹ wọn.”

Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú “Èmi ni tiyín ní tòótọ́”, ìbuwọ́lù, orúkọ kíkún àti ipò rẹ̀. Èkejì, tó wà fún Màmí nìkan, kúrú:

“Màmí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yín ń kí yín. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ wa ló wà pẹ̀lú èyí. Bí ọjọ́ náà kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀. Èmi ọmọ yín.”

Èyí ni lẹ́tà tó wà láàárín méjèèjì: a fi orúkọ ilé pè wọ́n, a kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò sí ìlérí, kò sí ọ̀rọ̀ oore àtijọ́, nítorí pé ìwé kékeré náà lè há mọ́ ìwé ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ló fẹ́ yá lọ́wọ́ Màmí ni, èyí nìkan ì bá tó, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò ni pé mo máa ń fi orúkọ ọ́fíìsì rọ́pò “ẹ” kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí kò bá bọ́gbọ́n mu mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ti Màmí ni, kì í ṣe ti fáìlì.