Ìwé Tó Ń Bá Ọmọ Tuntun Lọ Sí Ilé Ìwòsàn Ńlá

Dókítà tó gba ọmọ tí àìsàn ti wọ̀ lára lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kì í ráyè jókòó ka ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ọmọ, ìkejì di ìwé mú. Ìlà díẹ̀ tó wà lókè ni yóò fi ojú gán-ń-ní kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyókù di ìgbà tí ara ọmọ bá rọlẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ohun tó lè pa ọmọ náà láàárín wákàtí díẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìwé gbọ́dọ̀ fi ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ ìwé kì í rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kí dókítà, wọ́n á sọ oṣù tí ìyá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún, iye ọmọ tó ti bí àti bí ìrọbí ṣe lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á tó wá sọ pé: "Ojú ọmọ pọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n láti ìgbà wo? Ṣé ó ṣì ń mu ọmú? Kò sí nínú ìwé. Dókítà á wá máa bi àǹtí tó gbé ọmọ wá, àǹtí náà kò sì sí níbi tí wọ́n ti bí i.

Ká mú ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé dé ibùdó ìlera kékeré kan ní agbègbè Ìbàràpá láàárọ̀ Sátidé, tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí UCH n'Íbàdàn. Agogo mẹ́rin ìdájí Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí i, nílé. Ibà pọ́njú ló ń ṣe é. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń fọ́ nínú ara, ohun kan tó pọ́n máa ń jáde látinú rẹ̀, bilirúbìn lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì yára. Bí bilirúbìn bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ. Ọmọ náà á kọ ọmú, ara rẹ̀ á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa ká ẹ̀yìn kò, tí igbe rẹ̀ á sì máa han. Ọmọ tí kò bá kú lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu láéláé.

Ohun tí nọ́ọ̀sì náà kọ sókè ìwé rẹ̀ nìyí:

"Ọmọkùnrin, ọmọ wákàtí 54. Kílò 2.8 ló wọ̀n lónìí.
Ibà pọ́njú tó le: ó ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mu ọmú láti agogo mẹ́wàá alẹ́ àná. Ó ń ká ẹ̀yìn kò, igbe rẹ̀ ń han.
Ara rẹ̀ tutù, 35.4. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 34 ní agogo 10:10. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ó di 61 ní agogo 10:40.
Ó nílò iná aláwọ̀ búlúù àti pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ kíákíá. A kò ní ohun tí a fi ń wọn bilirúbìn níbí."

Kò kọ "ọmọ ọjọ́ mẹ́ta," wákàtí ló kọ. Bilirúbìn tí ọmọ ọjọ́ márùn-ún lè gbà mọ́ra lè ti pọ̀ jù fún ọmọ ọjọ́ kan, wákàtí ni dókítà sì fi ń wo àtẹ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n ara náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń lò fún pípààrọ̀ jẹ́ nǹkan bí mílílítà 160 fún kílò kọ̀ọ̀kan, èyí tó sún mọ́ 450 fún ọmọ yìí. Bí dókítà bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó lè béèrè ẹ̀jẹ̀ náà kí ọkọ̀ tó dé.

Gbólóhùn ìkẹyìn náà ṣe pàtàkì bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá dákẹ́ lórí àyẹ̀wò tí kò ṣe, ẹni tó ń gba ọmọ lè rò pé wọ́n ti ṣe é, pé ó dára. Ojú nìkan kò sì lè sọ iye bilirúbìn, pàápàá lára ọmọ tó dúdú. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀, tó wo ẹyinjú, èrìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí pípọ́n bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, a kì í tún dúró wò ó di ọ̀la.

Lẹ́yìn ìlà òkè wọ̀nyí ni oògùn tẹ̀ lé e, pẹ̀lú agogo. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. "A ti fún un ní abẹ́rẹ́" kò sọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì yìí kọ ọ́ báyìí: omi ṣúgà sínú iṣan, agogo 10:15; ampisílìn mílígíráàmù 140 àti jẹntamáísìn mílígíráàmù 14, agogo 10:30. Bí wọn kò bá rí agogo, wọ́n lè tún jẹntamáísìn gún un ní UCH lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Àpọ̀jù jẹntamáísìn sì ń ba kíndìnrín àti etí jẹ́, bẹ́ẹ̀ ibà pọ́njú náà ti ń bá etí ọmọ yìí jà.

Ìtàn ló wá kẹ́yìn, àmọ́ nọ́ọ̀sì ṣa èyí tó wúlò. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ gan-an ni ojú ọmọ ti pọ́n, kò tíì pé wákàtí 24. Ibà pọ́njú tó bá yára tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà ní irú rẹ̀. Inú káńfọ̀ ni wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí. Gbólóhùn mẹ́ta yìí mú kí dókítà ronú kan G6PD, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ wa kò ní tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Káńfọ̀ a máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fún un ní omi ìbẹ́pẹ, nọ́ọ̀sì sì kọ ìyẹn náà láìbá ìyá wí. Ìyá tí wọ́n bá bú kò ní sọ ìyókù.

Ìyá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn àgbà ilé fẹ́ kó sinmi, kí ìyá àgbà gbé ọmọ lọ. Nọ́ọ̀sì kò gbà. Ó ṣàlàyé fún wọn pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ìyá wé èyí tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ, torí pé ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè jẹ́ èyí tó gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún. Ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí jẹ́ O, ó sì wà nínú ìwé. Ká ní kò lè dìde ni, nọ́ọ̀sì ìbá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò tí wọ́n kọ orúkọ àti agogo sí lára, kí ó bá ọmọ lọ.

Kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀, ó pe UCH lórí fóònù, ó ka ìlà mẹ́rin òkè náà fún wọn, ó béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì wà lábẹ́ iná, ó sì kọ orúkọ ẹni tó dá a lóhùn sínú ìwé. Àyà ìyá ni wọ́n so ọmọ mọ́, ara sí ara, fìlà lórí, aṣọ bò wọ́n. Ẹ̀yìn ìwé náà ni nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé wọn ń kọ èémí àti ìgbóná ara rẹ̀ sí ní gbogbo ìdajì wákàtí.

Ẹ̀dà ìwé kan wà ní ibùdó ìlera náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àyè ṣófo fún èsì: iye bilirúbìn nígbà tí wọ́n dé, ohun tí àyẹ̀wò G6PD sọ, àti ọjọ́ tí wọn yóò yẹ etí ọmọ wò.