Ẹ Má Tíì Yọ Wọ́n Kúrò: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Polówó Ọjà Lórí Fóònù ní Ìdó

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ìdó ní Èkó, tí ẹ ń sanwó ìpolówó lórí Fesibúùkù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí owó bá ń lọ tí oníbàárà kò wọlé tó, àwọn kan á pa ìpolówó náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á wo tábìlì lẹ́ẹ̀kan péré, wọn á ní, "Àwọn báyìí ni kì í ra ọjà," wọn á sì yọ wọ́n kúrò. Èyí kejì ló léwu jù, torí ó jọ ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè lé àwọn oníbàárà gidi dànù.

Òótọ́ ni pé àpapọ̀ iye kò lè fi ibi tí ìpolówó ti ń kùnà hàn wá. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyẹn tí `Breakdown` fi wà nínú `Ads Manager`: ó máa ń pín èsì sí ọ̀nà ọjọ́ orí, irú fóònù àti ibi tí èèyàn wà. Àmọ́ ohun tó ń fi hàn ni ibi tó ń dùn. Kò sọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ìyá kan ń ta àpótí ìrìn-àjò nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ìdó. Ó ná ₦51,000 sórí ìpolówó. Ìgbà 1,700 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti lọ wo ọjà, èèyàn 60 sì rà. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ná an ní ₦850. Ó wá tẹ `Impression device` láti wo irú fóònù. Àwọn oní-Android jẹ ₦42,000 nínú owó náà, 42 nínú wọn ló rà: ₦1,000 lórí ẹnì kan. Àwọn oní-iPhone jẹ ₦9,000, àwọn 18 ló rà: ₦500 lórí ẹnì kan.

Ẹni tó bá ń kánjú á ní àwọn oní-Android kò lówó lọ́wọ́, á sì darí gbogbo ìpolówó sọ́dọ̀ àwọn oní-iPhone. Ẹ dúró ná. Ẹ fi iye ìtẹ̀, `Link clicks`, wé iye ìgbà tí ojú ewé ọjà ṣí tán, `Landing page views`. (Kóòdù kékeré tí wọ́n ń pè ní Pixel gbọ́dọ̀ wà lójú ewé yín kí iye kejì yìí tó hàn.) Ká ní àwọn oní-Android tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 1,400, àmọ́ ìgbà 630 péré ni ojú ewé náà ṣí tán. Àwọn oní-iPhone tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 300, ó sì ṣí tán ní ìgbà 270. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: 42 nínú 630, ẹnì kan nínú 15 ló rà. 18 nínú 270, ẹnì kan nínú 15 náà ni. Nígbà tí ọjà bá ti hàn sí wọn, bákan náà ni wọ́n ṣe ń rà á. Ojú ewé tó wúwo jù ni kò jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn oní-Android rí ọjà rárá.

Oògùn rẹ̀ nìyí. Ẹ mú fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, ẹ pa Wáífáì, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ fi dátà ṣí ojú ewé náà. Bí àwọn fọ́tò bá ń yọ díẹ̀díẹ̀, ẹ dín ìwọ̀n wọn kù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju 100 KB sí 200 KB lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí ojú ewé náà bá ń ṣí fún wọn bó ṣe ń ṣí fún àwọn yòókù, 84 ni yóò rà dípò 42, iye owó orí ẹnì kan yóò sì di ₦500. Àmọ́ bí ojú ewé bá ṣí tán dáadáa tí wọ́n sì ń lọ láìrà, iye owó ọjà tàbí ọjà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ní ti ọjọ́ orí, ìṣirò kékeré lẹ́ ó fi dá ara yín dúró. Ká ní ìtẹ̀ 40 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹni ọdún 55 sí 64, kò sì sẹ́ni tó rà. Ẹ fi 40 pín 3: ó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iye àwọn tó ń rà láàárín wọn bá tiẹ̀ tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, a ṣì lè má rí ẹyọ kan nínú ìtẹ̀ 40. Gbogbo ìpolówó náà lápapọ̀ kò sì mú ju nǹkan bí ìdá 3.5 lọ. Ẹ jẹ́ kí ìtẹ̀ tó nǹkan bí 90 láìsí ẹni tó rà kí ẹ tó máa fura. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi ọjọ́ orí, fóònù àti àdúgbò gé èsì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsọ̀rí ọjọ́ orí mẹ́fà, fóònù méjì, àdúgbò mẹ́ta, yàrá 36 nìyẹn. Oníbàárà 60 kò ní ju ẹnì kan tàbí méjì lọ nínú ọ̀pọ̀ yàrá, ẹni tó bá sì rí òfo níbẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan.

Ti àdúgbò ló wá le jù fún ará Ìdó. `Region` kì í sọ ju orúkọ ìpínlẹ̀ lọ: Lagos ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín Ìdó àti Sùúrùlérè, ẹ ṣe `Ad set` méjì, àwòrán kan náà, owó kan náà, kí ẹ fi `Drop pin` sàmì sí ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fa àyíká máìlì kan yí àmì náà ká. Síbẹ̀, àyíká máìlì kan láti Ìdó yóò kọjá omi lọ kan Erékùṣù Èkó, nítorí ibi tí afárá ti gbéra nìyí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ Afárá Kátà lọ́dún 1901. Àwọn tí fóònù wọn sọ pé wọ́n wà ní Ìdó, púpọ̀ wọn wà nínú dánfó ni. Ẹni tó tẹ ìpolówó lórí afárá lè délé rẹ̀ ní Ìkòròdú lálẹ́ kó tó rà á. Fesibúùkù fúnra rẹ̀ sábà máa ń ka ohun tí èèyàn rà láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn ìtẹ̀ mọ́ ìpolówó náà, nítorí náà, ẹ má ṣèdájọ́ Ìdó kí ọjọ́ méje tó pé. Ẹ sì máa kọ àdírẹ́sì tí wọ́n ní kí ẹ gbé ọjà wá sínú ìwé. Ìwé yẹn ló mọ ibi tí oníbàárà yín ń gbé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wá ìdí kí ẹ tó yọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ bá yọ kúrò kò ní rí ìpolówó yín mọ́, kò ní rà, kò sì ní sí iye kankan nínú tábìlì tí yóò sọ fún yín pé ẹ ti ṣàṣìṣe.