Bí A Ṣe Ń Fi Ìrìn, Ìdínkù Kílò àti Ìdárayá Iṣan Mú Ẹ̀jẹ̀ Ríru Wálẹ̀

Ẹni tí wọ́n bá sọ fún ní ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sábà máa ń gbọ́ nǹkan mẹ́ta: kó jò díẹ̀, kó máa rìn, kó sì máa ṣe eré ìdárayá. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè yọ kúrò nínú nọ́mbà ojú ẹ̀rọ kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ iye yìí á rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, á wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á ní òun ò rí ìyàtọ̀, á sì jáwọ́. Nọ́mbà òkè, èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì, la ó fi ṣe ìṣirò wa. A ó sì fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ: ká ní ẹni ọdún 54 ni, ó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, kílò 88 ló wọ̀n.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró sójú kan. Láàárín àárọ̀ sí alẹ́, ó lè fi 10 gòkè tàbí kó fi 10 sọ̀ kalẹ̀ láìsí ohun tó ṣe èèyàn. Ìdínkù 4 tàbí 5 á sọnù sínú ìyẹn tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ wọ̀n ọ́n. Ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ kan ló lè fi í hàn.

Ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgúnpá. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá sì wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà. Ẹ má wé e lé orí aṣọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun tàbí lo oògùn, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 7. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, torí ara kì í tíì balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ro 24 tó kù pọ̀, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà 24.

Ká ní ti obìnrin wa jẹ́ 148 lórí 92. Tí tiyín bá dé 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí ìdárayá dúró ná.

2. Ìrìn kánmọ́kánmọ́: nǹkan bíi 4

Rírìn láti ìsọ̀ kan dé ìkejì kọ́ là ń sọ, torí ìyẹn kì í pẹ́ kó tó dúró. Ẹ ka ìṣísẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú kan: tó bá ti tó 100, ìrìn náà ti kánmọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tún lè fi orin dán an wò. Tí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí orin ò ṣeé kọ, ó pé. Tí orin bá ń já geere, ẹ yára sí i. Tí ọ̀rọ̀ pàápàá ò bá jáde mọ́, ẹ dẹwọ́.

Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ni kí ẹ máa lépa. Ẹni tí kò rìn rí lè fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kó máa fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rìn tán, iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń dẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, nígbà míì títí dọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn kó gbogbo ìrìn ọ̀sẹ̀ jọ sí ọjọ́ Sátidé. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ wọn ara yín gẹ́lẹ́ tí ẹ bá ti ibi ìrìn dé. Ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìpíndọ́gba obìnrin wa lè wá sí 144. Ẹlòmíì á rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ẹni tí tiẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

3. Ìdínkù kílò: nǹkan bí 1 fún kílò kan

Ìṣirò èyí ló rọrùn jù: kílò kan tó bá lọ ń mú nǹkan bí 1 kúrò. Tí obìnrin yìí bá ti 88 wá sí 83, kó máa retí nǹkan bíi 5.

Ọ̀dọ̀ oúnjẹ ni kílò ti ń kúrò ju ọ̀dọ̀ ìrìn lọ. Ìrìn ìṣẹ́jú 30 lè jó nǹkan bíi kálórì 150 lára ẹni tó tóbi tó obìnrin yìí. Ìgò míníráàlì kan tó jẹ́ 50 sẹ́ńtílítà ní nǹkan bíi kálórì 200. Tó bá mu ìgò kan lọ́sàn-án, ó ti dá gbogbo ohun tó rìn láàárọ̀ padà. Kó fi omi rọ́pò míníráàlì, kó sì dín èbà alẹ́ kù ní ìdá mẹ́ta, kó fi ẹ̀fọ́ dí àyè rẹ̀. Kó má dín ẹja tàbí ẹ̀wà kù.

Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ máa gun ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, lórí ìwọ̀n kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ yára lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Tí kílò bá sì padà, ẹ̀jẹ̀ ríru á bá a padà.

4. Ìdárayá iṣan: nǹkan bíi 4

Lẹ́yìn oṣù kan tí ìrìn ti mọ́ra, ẹ fi èyí kún un ní ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín. Ẹ lè ṣe mẹ́rin nílé: dídìde àti jíjókòó lórí àga láìfọwọ́ tì í, fífi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni fẹ́ bì í, fífa kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5, tó jẹ́ kílò 5, wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà, àti dídúró lórí ìka ẹsẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà 10, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe títí tó fi pé ìpele mẹ́ta.

Ohun tó ń ṣeni ní jàǹbá níbẹ̀ ni kéèyàn sé èémí. Tí ẹ bá sé e nígbà tí ẹ ń gbé nǹkan, ẹ̀jẹ̀ á fò sókè gan-an lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa mí síta bí ẹ ṣe ń gbé e, kí ẹ mí sínú bí ẹ ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè mí dáadáa, ẹrù náà ti wúwo jù.

5. Ẹ ro ó pọ̀, àmọ́ ẹ má retí gbogbo rẹ̀

4 àti 5 àti 4 jẹ́ 13. Ẹni tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà rí odindi 13, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń tú, ìrìn sì ti bá ìdínkù kílò pín iṣẹ́ ṣe. Tí obìnrin wa bá dé nǹkan bí 138 lẹ́yìn oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti ṣe dáadáa. Tó bá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nọ́mbà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Tó bá jẹ́ pé ìpíndọ́gba ò kúrò lójú kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wo iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀, oògùn ìrora tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, àti híhanrun tí èémí ti ń dá dúró lójú oorun. Gbogbo wọn lè máa gbé e sókè.

Ẹ má fọwọ́ ara yín dín oògùn kù. Ẹ kó ìwé tí ẹ kọ nọ́mbà yín sí lọ fún dókítà, pàápàá tí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ò délẹ̀ nígbà ìdárayá, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà.