Aṣọ òkè kò ṣe é gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Mo ra aṣọ òkè ní ọjà Wúsè. Mo fẹ́ kí télọ̀ fi rán gáùn, kó gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí gáùn náà lè tẹ̀lé ara mi bíi gáùn sátíìnì ọ̀rẹ́ mi. Ó kọ̀. Kí ló dé? (Òǹkàwé kan, Àbújá)

Ìdáhùn: Télọ̀ yín jàre. Sátíìnì tí wọ́n hun kì í fi bẹ́ẹ̀ nà ní òró tàbí ní ìbú; ìgbà tí a bá fà á láti igun sí igun ni òwú rẹ̀ ń yẹ̀ fún ara wọn. Ibẹ̀ ni gáùn ọ̀rẹ́ yín ti rí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, bí íǹṣì 4 sí 6, tí a rán mọ́ra ni aṣọ òkè. Bí a bá dá a ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ojú rírán wọ̀nyẹn ò ní jẹ́ kó nà, etí tí a gé á sì máa tú. Ó tún wúwo, ńṣe ló máa ń dúró gan-an.

Ẹ jẹ́ kó gbé ọ̀já náà ní òró, kó fi àyè íǹṣì 2 sílẹ̀ yípo ìbàdí, kó sì la ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ lè rìn. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ ra aṣọ tó ń nà, kí ẹ fi aṣọ òkè yìí wé gèlè.